Níbo Làwọn Oníbàárà Rẹ Wà?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ àdìrẹ l'Ítòkú, ní Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ tí ìmọ̀ràn á fi yí i ká: ṣí Facebook, ṣí Instagram, má gbàgbé TikTok. Kó tó di oṣù kejì, ojú òpó mẹ́rin ti wà nílẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ti dákẹ́. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó ń rẹ aṣọ sínú aró náà ló ń ya fọ́tò, òun náà ló tún ń dá oníbàárà lóhùn.

Ìwé tó ń kọ ọjà títà sí ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ká ní ogún ènìyàn ló ti ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó bi wọ́n pé: "Níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí ọjà wa?" Kó tún bi wọ́n pé: "Kí lẹ ṣí wò lórí fóònù yín lálẹ́ àná?" Kó má wulẹ̀ bi àwọn ọ̀rẹ́ tó ń yìn ín tí wọn ò rà á. Bí mọ́kànlá bá ní orí Status WhatsApp ẹlòmíràn làwọn ti rí i, tí márùn-ún dárúkọ Instagram, tí mẹ́ta kàn ń kọjá níwájú ìsọ̀, tí ẹyọ ẹnì kan sì sọ Facebook, a jẹ́ pé WhatsApp àti Instagram ni kó gbájú mọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ fáwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ lè rí i pé Facebook ló léwájú.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Àlejò lè ṣèèṣì bá àdìrẹ pàdé lórí Instagram. Ti WhatsApp yàtọ̀: àfi tí oníṣòwò àti oníbàárà bá ti fi nọ́ńbà ara wọn pamọ́ ni Status tó fi síta tó lè hàn sí oníbàárà, wákàtí 24 péré ló sì ń lò. Nítorí náà, kí oníbàárà tó kúrò ní ìsọ̀, kí wọ́n ti fi nọ́ńbà ara wọn pamọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tún ìwé yẹ̀ wò. Ọkàn pupa tí wọ́n ń tẹ̀ lórí Instagram lè pọ̀ lọ jàra, kó sì jẹ́ àwọn aláàdìrẹ mìíràn tó ń wo iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí owó kankan tó gba ibẹ̀ wọlé, kó fi í sílẹ̀.

Ohun kan kù. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Meta, ló ni WhatsApp, Instagram àti Facebook. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, gbogbo wọn dákẹ́ pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri àgbáyé. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé, kí ẹ lè pè wọ́n lọ́jọ́ tírú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀.