Ohun Tí Dìsáínà Bá Pàtẹ Ni Oníbàárà Ń Wá Rà

Ní ọdún 2009, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jessica Hische, fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lọ́dọ̀ Louise Fili, gbajúmọ̀ dìsáínà ní Niu Yọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́. Lẹ́tà yíyà ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Dípò kó jókòó kó máa retí ìpè, ó dá ohun kan sílẹ̀ tó pè ní Daily Drop Cap: ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ya lẹ́tà kan ṣoṣo, irú lẹ́tà ńlá aláràbarà tí àwọn ìwé àtijọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ orí tuntun, á sì gbé e sórí ayélujára. Bó bá ti ya A dé Z tán, á tún padà sí A. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ló ya álífábẹ́ẹ̀tì náà yípo.

Nígbà tó di ọdún 2012, ilé ìtẹ̀wé Penguin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀wọ́ ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jáde, tí lẹ́tà ńlá kan tí Hische yà wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: A fún Jane Austen, B fún Charlotte Brontë, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Z. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ̀wọ́ ìwé náà ni Penguin Drop Caps.

Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò ya lẹ́tà sẹ́yìn ìwé kò ní láti máa ṣiyèméjì bóyá Hische á lè ṣe é. Ohun tó fẹ́ rà gan-an ló ń rí. Ẹni tó ya K kan tó rẹwà, ó lè jẹ́ pé orí ló bá a ṣe é; ẹni tó ya K méjìlá tí ọ̀kan kò jọ èkejì, iṣẹ́ yé e nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ. Hische ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá tíì dán, tí a wá ń pàtẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, àṣírí ara wa là ń tú lójoojúmọ́.

Nílé níbí, ohun tó ń da ọ̀pọ̀ dìsáínà láàmú ni pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń pàtẹ. Ẹ ṣí Instagram wọn, ẹ ó rí àwòrán ọjọ́ìbí, ìkéde òkú, ìkéde ìsọjí, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti àmì ilé-iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Oníbàárà á wò ó tán, kò ní mọ iṣẹ́ tí òun lè tìtorí rẹ̀ pe onítọ̀hún. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èyí tó bá sì pọ̀ jù lórí àtẹ ni yóò máa fa irú ara rẹ̀ wá. Ẹni tó ń gbé àwòrán ọjọ́ìbí jáde, àwòrán ọjọ́ìbí ni wọn yóò máa bẹ̀ ẹ́, iye tí wọ́n ń san fún àwòrán ọjọ́ìbí náà ni wọn yóò sì máa san fún un.

Ká ní dìsáínà kan wà ní Ìbàdàn, tó pinnu pé sítíkà ara ìgò àti ara ọ̀rá ni òun yóò gbájú mọ́, fún àwọn tó ń ṣe zóbò, epo pupa, gaàrí tàbí òrí tà. Kò tíì ní oníbàárà kankan. Kí ni yóò pàtẹ? Á fi orúkọ tó fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ya sítíkà zóbò kan, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbangba pé ìdánrawò ni. Bó bá díbọ́n pé oníbàárà ló gbé e fún òun, ọjọ́ tí ẹnìkan bá ní kó júwe ẹni tó ni ọjà náà, ẹ̀tẹ́ dé.

Kò ní fi í mọ sórí kọ̀ǹpútà. Á tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò gidi, á wá ya fọ́tò ìgò náà lẹ́bàá fèrèsé. Fọ́tò kejì á fi ojú sítíkà hàn ní títẹ́jú. Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fọ́tò, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun tó kọ nìyí: "Orúkọ ọjà ni mo jẹ́ kó tóbi jù, torí inú fíríìjì ni ìgò yìí máa wà, òkèèrè ni èèyàn á ti máa wò ó. Mo fàyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ máa kọjá, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, àwọn èròjà inú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Sítíkà tí omi kì í ràn ni mo lò, torí ìgò tó bá ti inú fíríìjì jáde máa ń làágùn."

Dìsáínà ẹgbẹ́ rẹ̀ lè má ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta zóbò, tí sítíkà rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára ìgò láti ọjọ́ yìí, á dúró kà á tán. Ó ti rí ẹni tó mọ ìṣòro òun.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní ọjọ́ kan náà. Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá wọlé, dìsáínà á gbàgbé àtẹ. Nígbà tó bá fi máa parí iṣẹ́ náà, kò ní sí ẹnikẹ́ni tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó ní iṣẹ́ mẹ́fà nílẹ̀ kó tó gbé àkọ́kọ́ jáde, kó sì máa fi tuntun rọ́pò èyí tó bá lò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí oníbàárà gidi bá dé, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọjà náà kọ́kọ́ jáde ná.

Ibi tó ń pàtẹ sí náà ní ìwà tirẹ̀. Ìsọfúnni orí status WhatsApp kì í ju wákàtí 24 lọ, àwọn tí òun àti wọn jọ tọ́jú nọ́ńbà ara wọn sì ni wọ́n sábà máa ń rí i. Instagram àti Behance ni iṣẹ́ ti ń pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, kó fi WhatsApp pe àwọn tó mọ̀ ọ́n, kó sì ní ibì kan tó lè júwe fún ẹni tó bá ní, "Jẹ́ kí n rí iṣẹ́ rẹ." Orúkọ kan náà ni kó máa jẹ́ ní gbogbo ibẹ̀.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń so èso? Kó má ka iye àwọn tó tẹ ọkàn pupa sábẹ́ fọ́tò, torí dìsáínà bíi tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó béèrè iye owó ni kó kà. Kó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó ti rí iṣẹ́ òun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ìyìn pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò béèrè owó, á jẹ́ pé àwọn tó ń wò ó kọ́ ni ọlọ́jà. Kó wá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ibi ìpàtẹ ọjà lọ. Bí wọ́n bá ń béèrè owó tí wọ́n sì ń sá lọ, kó kọ iye tí iṣẹ́ òun ti ń bẹ̀rẹ̀ síta, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin dìsáínà tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́, ẹ lọ wo àtẹ yín lónìí. Irú iṣẹ́ tí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n tún gbé wá bá yín mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló rẹwà jù.