Koríko Tó Tutù Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Àbàtà Ti Padà Sípò

Tí wọ́n bá tún ọ̀nà omi ṣe, tí wọ́n sì gbin koríko sí àbàtà tó ti bàjẹ́, kì í pẹ́ tí gbogbo ibẹ̀ fi ń tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò ní iṣẹ́ ti yọrí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àbàtà Suwítìwọ́tà, létí òkun ìlú Sandiẹ́gò ní Kalifóníà, fi hàn pé ojú lásán kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ àti iṣẹ́ ìdènà omíyalé ló ba àbàtà náà jẹ́. Òfin ní kí wọ́n ṣe òmíràn rọ́pò, nítorí pé ẹyẹ kan tí ìran rẹ̀ fẹ́ parun, kilápà-réèlì, ń gbé níbẹ̀. Inú koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní Spatínà ni ẹyẹ yìí ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Nígbà tí òkun bá kún, ìtẹ́ náà á léfòó sókè láàárín àwọn ọ̀pá koríko, wọn kò sì ní jẹ́ kí omi gbé e lọ. Tí koríko bá kúrú, omi á bo ẹyin, àṣá á sì rí ìyá ẹyẹ láti òkè.

Ìdí nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jọ́ì Sẹ́dílà, tó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Sandiẹ́gò nígbà náà, fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ yàn. Ó wọn koríko àwọn àbàtà àdáyébá tí ẹyẹ náà ń pamọ sí, ó sì fi èyí gbé òdiwọ̀n àṣeyọrí kalẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, ó kéré tán, ọ̀pá koríko 100 gbọ́dọ̀ wà. Àádọ́rùn-ún nínú wọn gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ọgbọ̀n sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 90. Ẹnikẹ́ni tó bá ní rúlà lè yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí àyè fún àríyànjiyàn.

Òdiwọ̀n nìkan kò tó, nítorí pé ọdún kan kì í jọ ọdún kejì. Nígbà tí òjò bá pọ̀, koríko á ga níbi gbogbo. Nígbà ọ̀dá, á kúrú níbi gbogbo. Nítorí náà wọ́n mú àbàtà àdáyébá kan nítòsí, lẹ́bàá odò kékeré Párádáìsì, gẹ́gẹ́ bí àbàtà àfiwé. Ohun tó dára jù ni kí ètò ìtọpinpin ní ju àbàtà àfiwé kan lọ, kí wọ́n sì wọn gbogbo wọn ní àsìkò kan náà àti lọ́nà kan náà. Tí koríko tuntun bá kúrú tí ti àbàtà àfiwé náà sì kúrú, ojú ọjọ́ ló fà á. Tí ti àfiwé bá ga tí tuntun kò ga, àbùkù wà nínú iṣẹ́ náà.

Ìpele kẹta ni ipa ọ̀nà tí a retí kí àbàtà gbà padà sípò, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Omi ló ń kọ́kọ́ bọ̀ sípò, koríko á tẹ̀ lé e láàárín ọdún díẹ̀, ilẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn, torí pé gbòǹgbò àti ewé tó ń jẹrà lọ́dọọdún ló ń sọ ọ́ di ọlọ́ràá díẹ̀díẹ̀. Níbí gan-an ni Suwítìwọ́tà ti kọsẹ̀. Yanrìn tí wọ́n wà jáde láti inú omi ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, yanrìn kì í sì í di náítírójìn mú. Koríko hù, kò ga. Nígbà tí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, ó ga. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, ó tún kúrú. Nínú ìròyìn tí Sẹ́dílà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1999, lẹ́yìn ìwọ̀n tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, gíga koríko náà ń lọ sókè sódò, kò dojú kọ ti àbàtà àfiwé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí á wọn ohun tó ń fa àìsàn pẹ̀lú ohun tó ń farahàn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbin ohunkóhun lè sọ ní ọdún kìíní ohun tí koríko máa fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ. Ìgbà náà ni wọ́n lè po amọ̀ àti ohun tó ti jẹrà mọ́ yanrìn, kó tó di pé gbòǹgbò gba ibẹ̀. Ètò náà sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ìwọ̀n bá yà kúrò lójú ọ̀nà, àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 2008 ní kí ìtọpinpin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má dín ní ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún tó láti mọ̀ bóyá koríko hù. Kò tó láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ lè bọ́ koríko náà títí ẹyẹ yóò fi rí ibi pamọ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó àṣeparí lórí àbàtà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àbàtà àfiwé.