Dáyóòdù Ṣọ́tíkì: Ìdí Tó Fi Yára Tí Kì í Fi Iná Ṣòfò

Bí ẹni tó ń tún ṣájà ṣe bá yọ dáyóòdù 1N5822 tó ti jó, tó wá fi 1N5408 rọ́pò rẹ̀, ṣájà náà yóò máa gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ámípíà 3 ni àwọn méjèèjì ń gbà.

Sílíkónì oríṣi méjì ni wọ́n so pọ̀ di 1N5408. Bí iná bá ń kọjá, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti àlàfo rẹ̀ a ré kọjá sí apá ara wọn, wọn a sì kóra jọ síbẹ̀. Nígbà tí iná bá yí padà, dáyóòdù náà kò lè dí i títí wọn yóò fi kúrò. Ọ̀pọ̀ ṣájà sì ń yí iná padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Irin àti sílíkónì ló pàdé nínú 1N5822, tí í ṣe dáyóòdù Ṣọ́tíkì. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló ń kọjá, kíá ló sì ń dà pọ̀ mọ́ ti inú irin, kò sí àkójọ kankan tí a óò dúró dè. Odi tó wà láàárín wọn kò ga tó ti sílíkónì méjì, fóòtì kékeré sì tó láti borí rẹ̀. Ní ámípíà 3, ó ń jẹ bíi fóòtì 0.5, ìyẹn wáàtì 1.5. Èkejì ń jẹ bíi fóòtì 1, ìyẹn wáàtì 3.

Ṣùgbọ́n odi kékeré yìí ń jẹ́ kí iná díẹ̀ jò padà, pàápàá bó bá gbóná. Fóòtì 40 péré sì ni 1N5822 lè dá dúró. Ẹ má ṣe fi í sí ibi tí iná ilé ti ń wọlé.