Kọfí, Eyín Tó Ń Pọ́n àti Àyà Tó Ń Ta: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Àkókò Tí Ẹ Ń Mu Ún

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mu kọfí lójoojúmọ́ máa ń ráhùn lé lórí. Wọ́n á ní eyín àwọn ti ń pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á sì ní àyà ń ta àwọn, pé omi kíkan máa ń gun ọ̀fun àwọn bọ̀, pàápàá lóru. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé kí wọ́n jáwọ́ nínú kọfí pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí kọfí ń ṣe lẹ́nu àti nínú àpòlúkù á rí i pé àkókò tí a ń mu ún àti bí a ṣe ń mu ún ló ń dá púpọ̀ nínú wàhálà náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ obìnrin kan tó ń gbé ní Ọ̀tà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Aago 5 ìdájí ló ń jáde kí gó-ṣíló má bàa ká a mọ́nà. Kò tíì jẹun rárá. Ó po kọfí oníṣúgà sínú fíláàsì, ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti inú ọkọ̀ títí di aago 10. Lálẹ́, ó wọlé ní aago 9, ó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ta dáadáa, ó tún mu ife kọfí kan kó lè parí iṣẹ́ tó gbé wálé, ó sì dùbúlẹ̀ ní aago 10 ààbọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí eyín

Itọ́ máa ń fi awọ tín-ín-rín kan bo eyín wa. Bí a tiẹ̀ fọ ẹnu, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni awọ náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kọfí ní èròjà kan tó ń jẹ́ tánnìnì, òun ló ń ran àwọ̀ kọfí lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ awọ yìí. Ibi tí ìdọ̀tí bá ti gan mọ́ eyín, bí ìdí eyín àti àlàfo àárín rẹ̀, ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n.

Kọfí tún ní ásíìdì. Àwọn onímọ̀ máa ń fi nọ́ńbà wọn ásíìdì: omi lásán wà ní bíi 7, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Bí ẹnu bá ti lọ sísàlẹ̀ bíi 5.5, èèpo eyín tó le á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kọfí sì wà ní nǹkan bíi 5. Kò burú tó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, itọ́ sì lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, àmọ́ ó nílò bíi ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣe é. Bí ṣúgà bá wà nínú kọfí náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu á sọ ọ́ di ásíìdì mìíràn.

Ibi tí obìnrin wa ti ń ṣe ara rẹ̀ léṣe nìyẹn. Ife kan ṣoṣo ló wà nínú fíláàsì rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí 5 ló fi ń mu ún. Kí itọ́ tó parí àtúnṣe kan, ó ti tún fa òmíràn. Ẹni tó mu ife 2 tán kíákíá lè fi eyín sílẹ̀ ní àlàáfíà jù ú lọ.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi èédú, iyọ̀ tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ha eyín kó lè funfun. Òde eyín ni àwọ̀ kọfí wà. Bí a bá ń ha eyín kíkankíkan, èèpo rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́ sí i, ara eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ́n láti ìṣẹ̀dá. Eyín á wá pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èèpo tó bá sì ti jẹ tán kì í hù mọ́. Báwo la ṣe lè mọ èyí tó jẹ́? Bí ó bá jẹ́ ìdí eyín àti àárín rẹ̀ ló pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọ̀ kọfí, dókítà eyín sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí gbogbo eyín bá pọ́n bákan náà, tí omi tútù sì ń ta á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èèpo eyín ló ti ń jẹ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú

Iṣan kan wà níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti wọ àpòlúkù, ó ń pa ibẹ̀ dé bí okùn tí a fi di ẹnu àpò. Kaféènì inú kọfí lè mú kí iṣan náà dẹ̀. Kọfí tún máa ń mú kí àpòlúkù da ásíìdì sí i, kódà èyí tí wọ́n ti yọ kaféènì rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe báyìí. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé àyà títa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó fi omi rọ́pò ife 2 kọfí, tíì tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójúmọ́.

Oúnjẹ tó kún inú, ata, kọfí, àti ìdùbúlẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn wọn: gbogbo wọn ni obìnrin wa kó pọ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Ásíìdì á gòkè wá sẹ́nu nígbà tó bá sùn, ní àkókò tí itọ́ kì í pọ̀. Ásíìdì àpòlúkù sì lágbára ju ti kọfí lọ fíìfíì, ó lè jẹ ẹ̀yìn eyín iwájú tòkè. Nígbà mìíràn, dókítà eyín ló máa ń kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó yí padà

Kí ó fọ ẹnu kó tó mu kọfí. Kí ó jẹ nǹkan díẹ̀, kó sì mu ife náà tán láàárín ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà kó fi omi yọ ẹnu dáadáa. Kí ó má fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò kan eyín títí ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 á fi kọjá, nítorí èèpo tó ti rọ̀ ló máa há dànù. Ohun kan náà ni kó ṣe bí omi kíkan bá gun ọ̀fun rẹ̀. Kí ó dín ṣúgà kù. Mílíìkì dára fún eyín, torí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbá tánnìnì mú kó tó lẹ̀ mọ́ eyín.

Ní alẹ́, kó jẹun ó kéré tán wákàtí 3 kó tó sùn. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kó tètè délé, kí oúnjẹ alẹ́ náà kéré, kó má sì ta. Kó fi ife kọfí alẹ́ sílẹ̀, torí pé lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì kaféènì rẹ̀ ṣì lè wà lára. Bí àyà bá ṣì ń ta á, kó fi búlọ́ọ̀kì gbé apá orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Kí ó má kó ìrọ̀rí jọ, ìyẹn kàn máa ká inú pọ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kọfí gan-an ni ọ̀tá rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kó má yí nǹkan mìíràn padà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kó wo ata, epo àti oúnjẹ òru.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ ká fi ìdánwò tàbí oògùn ojú pópó dí lọ́nà. Bí oúnjẹ bá ń há lọ́nà ọ̀fun, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, bí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú kirikiri, ẹ lọ rí dókítà. Bí àyà bá ń dùn yín tí ìrora náà sì ń wọ apá tàbí àgbọ̀n, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ ọkàn yín, kì í ṣe kọfí.