Sọ Ohun Tí O Fẹ́ Kí Ẹ̀rọ Ìtàkùrọ̀sọ Ṣe

Ká ní aránṣọ kan fẹ́ kí ChatGPT bá òun kọ ìkéde aṣọ ọdún. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Má kọ ọ́ gùn. Má ṣe é bí àtòkọ. Má lo 'àrà ọ̀tọ̀'." Nígbà mìíràn, 'àrà ọ̀tọ̀' yìí gan-an lè tún yọjú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹ̀rọ náà ló fi ń ṣírò èyí tó kàn. Bí a bá dárúkọ ohun tí a kò fẹ́, a ti gbé e síwájú rẹ̀ nìyẹn, "má" kò sì sọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Èyí sàn jù: "Kọ ìpínrọ̀ kan, gbólóhùn mẹ́rin. Sọ irú aṣọ náà, àwọ̀ rẹ̀ àti iye rẹ̀, bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù." Ẹ ò rí i pé àtòkọ kò ráyè wọlé mọ́?

Èèwọ̀ ṣì wúlò níbi tí àṣìṣe ti lè dá gbèsè síni lọ́rùn. Bí ẹ̀rọ bá ń dá oníbàárà lóhùn, "má dín owó kù" nìkan kò tó. Fi kún un pé: "Bí wọ́n bá ń ná ọjà, ní kí wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù."