Ojú-Ewé Tí Ń Fa Òṣìṣẹ́ Tó Mọṣẹ́

Ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa sábà máa ń ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ṣí ojú-ewé ilé-iṣẹ́ tuntun kan lórí LinkedIn, ohun tó ń wá ni bóyá iṣẹ́ ibẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ fi ibi tó wà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú-ewé kì í dá a lóhùn, torí pé oníbàárà àti olówó tó fẹ́ dókòwò ni wọ́n kọ wọ́n fún.

Ẹ jẹ́ ká ronú ilé-iṣẹ́ kan ní Yábà tó ń tọpa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì láti Kánò wá sí ọjà Mile 12. Gbólóhùn abẹ́ orúkọ rẹ̀, tí LinkedIn ń pè ní Tagline, kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 120 lọ, àlàfo inú rẹ̀ náà wà nínú òǹkà. Bí wọ́n bá kọ “A ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ tún Áfíríkà ṣe” síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ayánilówó náà lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n “A ń mú kí tòmátì Kánò dé Mile 12 láìbàjẹ́” sọ ẹrù, ọ̀nà àti ìṣòro lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́tà 2,000 ni àyè tó wà fún àpèjúwe ilé-iṣẹ́. Kò di dandan kí wọ́n lò ó tán. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún, kí wọ́n wá sọ ohun tó ṣì ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń bẹ̀rù èyí, bẹ́ẹ̀ ìṣòro tí kò tíì lójútùú gan-an ló ń fa onímọ̀.

Ohun tí wọ́n bá ń gbé síta lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí. Ká ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń sá láàárín Mọ́kwà àti Jẹ́bà, tí ọkọ̀ á wá dà bíi pé ó dúró sójú kan. Kí ẹnjiníà tó yanjú rẹ̀ kọ ọ́ fúnra rẹ̀: pé fóònù awakọ̀ kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti fi ìsọfúnni ránṣẹ́ léraléra títí bátìrì fi ń tán, pé òun wá jẹ́ kó tọ́jú ibi tí ọkọ̀ dé àti aago tó débẹ̀, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá padà. Ìlà díẹ̀ péré ló ń hàn kí òǹkàwé tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Nítorí náà, “Ọkọ̀ wa pòórá lẹ́yìn Mọ́kwà” ni kó ṣíwájú, kì í ṣe “Inú wa dùn láti kéde”.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n bi ẹni tó wá pé: “Kí lẹ rò pé à ń ṣe níbí?” Bó bá dáhùn “ìmọ̀ ẹ̀rọ” lásán, ojú-ewé náà kò tíì sọ̀rọ̀. Bó bá ti ní èrò tirẹ̀ lórí bátìrì fóònù awakọ̀, ó ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí àwọn tó dára bá ń padà lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ owó oṣù, ẹjọ́ ojú-ewé kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n kọ iye náà sínú ìkéde iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.