Láìpa Ẹ̀tọ́ Lára: Ìtumọ̀ Gbólóhùn Kan Lórí Lẹ́tà Ìparí Ìjà

Nígbà tí mo ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Bàntẹ̀ àti Savalu, ìyá kan tó ń ta kajú mú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan wá bá mi. Agbẹjọ́rò oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà ló kọ ọ́. Ìyá ní oníbàárà náà jẹ òun ní 900,000 náírà. Òun náà ní kajú tó ti bàjẹ́ wà nínú ọjà. Lẹ́tà náà ní yóò san 600,000 bí ìyá bá gbà kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lókè rẹ̀ ni wọ́n kọ ‘wìdáòtì prẹ́júdíìsì’ sí.

Ilé ìwé Faransé ni mo lọ, níbi tí ‘prejudíìsì’ ti jẹ́ òfò tàbí ìpalára. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá pé ‘kò sí ìpalára’, àfi bí ẹni pé oníbàárà ń sọ pé òun kò ṣẹ̀ ẹ́. Mo ṣì í túmọ̀. Ẹ̀tọ́ ni gbólóhùn náà ń dáàbò bò: bí a kò bá rẹ́, ohun tí mo fi lọ̀ ọ́ níhìn-ín kò gbọdọ̀ dín ẹ̀tọ́ mi kù níwájú adájọ́.

Abala 196 Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 fi ìdí èyí múlẹ̀. Bí a bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń wá ọ̀nà láti parí ìjà láìdé ilé-ẹjọ́, a kò lè fi í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ìyá kò lè sọ pé: ‘Ẹ wò ó, ó ti gbà pé òun jẹ mí ní 600,000.’

Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà nìkan kò tó. Bí kò bá sí àríyànjiyàn, tí oníbàárà kàn kọ̀wé pé, ‘Mo jẹ yín ní 900,000, ẹ fún mi ní oṣù méjì,’ kò sí ìjà tí ó ń parí, gbólóhùn náà kò sì lè bo gbèsè náà mọ́lẹ̀. Bákan náà, bí ìyá bá gba 600,000 náà, àdéhùn ti dé. Láti inú ẹjọ́ Walker àti Wilsher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1889 ni a ti mọ̀ pé a lè fi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ hàn láti fi ìdí àdéhùn tó jáde nínú rẹ̀ múlẹ̀.

Nínú òfin Faransé, ẹni tó kọ lẹ́tà àti ẹni tó kọ ọ́ sí ni a kọ́kọ́ ń wò. Àṣírí ni lẹ́tà láàárín agbẹjọ́rò méjì, àyàfi bí wọ́n bá kọ ‘ofisiẹ́ẹ̀lì’ sí i. Èyí tí agbẹjọ́rò kọ tààrà sí ẹnìkejì oníjà kò sí lábẹ́ ààbò yẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ‘láìpa ẹ̀tọ́ lára’ rọ́pò ìtumọ̀ mi àkọ́kọ́. Mo padà lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá kí ó tó fèsì, torí ó ti ń múra láti gbé lẹ́tà náà dé kóòtù.